Fọ́tò Tí Kò Dé Ọwọ́ Ògbufọ̀ Kò Ṣe É Túmọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìyá ọjà sọ ní Ọjà Àlàbá

 

Ọ̀pọ̀ nínú ọjà iná tí à ń tà níbí, Ṣáínà ló ti ń wá, èdè Ṣáínà ló sì máa ń wà lára wọn. Nítorí náà la ṣe ń wá ẹni tó gbọ́ èdè náà kó bá wa túmọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìyá kan á kọ ọ́ sórí WhatsApp pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tó wà nínú fọ́tò yìí.” Ọ̀rọ̀ náà dé, fọ́tò ò dé. Ògbufọ̀ ò lè rí inú fóònù yín o. Ohun tó bá dé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló lè kà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni fọ́tò kì í fi í dé. Èkíní, ẹ kọ ọ̀rọ̀, ẹ ò mú fọ́tò mọ́ ọn. Èkejì, ẹ mú un, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé e. Tí ẹ bá rí àmì aago kékeré lábẹ́ rẹ̀, kò tíì kúrò lọ́dọ̀ yín. Tí ó bá di àmì ẹyọ kan, ó ti kúrò lọ́wọ́ yín. Tí ó bá di méjì, ó ti dé fóònù ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Ẹ̀kẹta, ẹ fi orúkọ fọ́tò ránṣẹ́, irú bíi IMG_0457.jpg. Orúkọ lásán nìyẹn. Ẹni tó mọ nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù yín kò tíì rí ọjà tó wà nínú rẹ̀.

Ògbufọ̀ tó dáa á ní kí ẹ tún un fi ránṣẹ́. Èyí tó bá fẹ́ gba owó yín kíá á méfò. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ jẹ́ ká mú ṣájà iná kan. Ohun tó wà lára rẹ̀ nìyí:

```
输入 220V~ 50Hz
输出 12V⎓ 2A
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń sọ iná tó ń wọ inú ṣájà, ìkejì ń sọ èyí tó ń jáde. Ṣájà méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan máa gbé 12V jáde, kí èkejì máa gbé 19V. Tí ògbufọ̀ bá méfò pé 12V ni, tí ẹ sì tà á fún oníbàárà tó ní ẹ̀rọ 12V, ẹ̀rọ náà lè jóná. Òmíràn wà tí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ 110V nìkan. Iná tiwa ní Nàìjíríà súnmọ́ 230V. Tí wọ́n bá tì í bọ iná, èéfín ni. Èyí tí wọ́n bá kọ 100-240V sí kò ní ìṣòro yẹn. Ta ni oníbàárà máa wá bá? Ẹ̀yin náà ni.

Tí fọ́tò ò bá wá lọ, kí lẹ máa fi ránṣẹ́? Ẹ tẹ gbogbo nọ́ńbà àti lẹ́tà tí ẹ bá lè kà, ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bó ṣe tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má fo àmì kékeré o. Àmì ~ àti Hz máa ń wà níbi iná ògiri, ìyẹn iná tó ń wọlé. Àmì ⎓ ń fi iná irú ti bátìrì hàn, èyí tó ń jáde lára ṣájà. Ẹ sọ pẹ̀lú irú ọjà tó jẹ́. Pẹ̀lú èyí, ògbufọ̀ lè sọ ti iná fún yín. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ìkìlọ̀ tí wọ́n fi èdè Ṣáínà kọ sísàlẹ̀, nítorí nọ́ńbà kò sọ ọ́.

Èyí tó dáa jù ni kí ẹ ní kí ẹni tó tà á fún yín ní Ṣáínà tẹ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ dà á kọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ògbufọ̀. Kò nílò fọ́tò mọ́ nìyẹn. Bí ògbufọ̀ bá sì wà nítòsí, ẹ gé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára páálí, kí ẹ gbé e lọ fún un.

Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, ẹ ya fọ́tò náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí gbogbo ìkọ̀wé wọ inú rẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ láti ibi tí wọ́n kọ Document sí, kó má baà di kúrúkúrú. Kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ wo àmì méjì yẹn.