Fídíò Tí Ẹ Tì Pa Kò Tíì Bọ́ Lọ́wọ́ Ewu

Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti lẹ kámẹ́rà kékeré mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní dáṣíkáàmù. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí iná kámẹ́rà yẹn bá ṣáà ti ń tàn, ẹlẹ́rìí ti wà nínú ọkọ̀ nìyẹn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí kámẹ́rà rí kì í di ẹ̀rí àfi bí a bá gbé e kúrò nínú káàdì tó wà. Bọ́tìnnì tí ẹ fi ń ti fídíò pa dára, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó dá fídíò náà dúró di ìgbà tí ẹ ó fi délé lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kámẹ́rà yìí kì í gba odindi ìrìn àjò sínú fídíò kan ṣoṣo. Ó máa ń gé e sí wẹ́wẹ́, ìṣẹ́jú 1, 3 tàbí 5, bí ẹ bá ṣe ṣètò rẹ̀. Nígbà tí káàdì bá kún, kò ní dúró bi yín léèrè. Èyí tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn fídíò náà ni yóò pa rẹ́ kó lè ráyè kọ tuntun sí i, bí ọmọ iléèwé ṣe ń nu síléètì. Kámẹ́rà tí àwòrán rẹ̀ mọ́ dáadáa, èyí tí wọ́n ń kọ 1080p sí lára, lè jẹ tó 100 mẹgabáìtì ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn nǹkan bíi 6 gígabáìtì ní wákàtí kan. Káàdì 32 gígabáìtì ò wá ní gbà ju wákàtí 5 lọ. Awakọ̀ tí wọ́n fara gbún ọkọ̀ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́-Ìpo láàárọ̀, tó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, tó forí lé Èkó, lè má rí fídíò àárọ̀ náà mọ́ nínú káàdì nígbà tó bá débẹ̀. Kì í ṣe pé kámẹ́rà bàjẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe gan-an ló ṣe.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi bọ́tìnnì títì sí i. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, fídíò tó ń lọ lọ́wọ́ lásìkò náà yóò di àdádúró, kámẹ́rà kò sì ní pa á rẹ́ mọ́ bó ti ń yí po. Ẹ lè rí àmì àgádágodo lójú rẹ̀, tàbí kí ó kó fídíò náà sínú àpò mìíràn tó ń jẹ́ EVENT tàbí RO. Yàtọ̀ sí èyí, ohun kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń mọ ìgbọ̀njìgbọ̀n, G-Sensor ni wọ́n kọ sójú kámẹ́rà. Bí ọkọ̀ bá gbọ̀n lójijì, òun fúnra rẹ̀ yóò ti fídíò pa. Àwọn kan yóò wá sọ pé: “Bó bá ń dá ṣe é, kí ni mo tún ń tẹ bọ́tìnnì fún?” Ìbéèrè tó dára ni, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rí ti ń sọ nù.

G-Sensor kò mọ ìjàǹbá, ìgbọ̀njìgbọ̀n nìkan ló mọ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Kòtò tí òjò gbẹ́, gegele ojú ọ̀nà, ibi tí ọ̀dà ti pin tí ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kámẹ́rà ń kà sí ìjàǹbá bí wọ́n bá yí G-Sensor sí High. Ẹ gbà pé ó ń ti fídíò pa nígbà 20 lóòjọ́, tí fídíò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 3. Fídíò kan tó nǹkan bíi 300 mẹgabáìtì, 20 nínú wọn sì jẹ́ 6 gígabáìtì. Láàárín ọjọ́ 5, kòtò ti jẹ káàdì 32 gígabáìtì tán pátápátá. Ohun tó máa tẹ̀ lé e yàtọ̀ láti kámẹ́rà sí kámẹ́rà. Òmíràn yóò kọ Card Full, kò sì ní gba ohunkóhun mọ́. Òmíràn ya ìwọ̀nba ààyè sọ́tọ̀ fún àwọn fídíò tí a tì, bí ààyè náà bá sì kún, yóò pa èyí tó pẹ́ jù rẹ́ nínú wọn. Ìyẹn ni pé fídíò ìjàǹbá gidi tí ẹ tì lọ́jọ́ Ajé lè di àwátì lọ́jọ́ Ẹtì nítorí kòtò. Ẹ yí G-Sensor sí Low, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ti èyí tó bá ṣe pàtàkì. Mo mọ̀ pé lórí Low, ó lè má mọ̀ bí ọkọ̀ mìíràn bá kàn fara kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọwọ́ yín wà lórí bọ́tìnnì.

Àlàfo kan tún wà tí G-Sensor kì í sábà dí. Ẹ gbà pé awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan ń já wọ iwájú yín láàárín Òmù-Àrán sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ń fọn fèrè fún un. Fídíò oníṣẹ́jú 3 tó ń lọ lọ́wọ́ parí, tuntun bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 2 sí i ni ó gbá yín. Tuntun yìí ni kámẹ́rà yóò tì pa. Ó máa fi hàn pé ọkọ̀ méjì kọlu ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó fà á wà nínú fídíò tó ṣáájú, èyí tí kò sí ohun tó dá a dúró. Àwọn kámẹ́rà kan máa ń ti méjèèjì pa. Ẹ wo tiyín kí ẹ tó gbọ́kàn lé e. Fún àwọn tó kù, ohun tó dájú jù lọ ni pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì, tí ọkọ̀ sì ti wà níbi tí kò séwu, kí ẹ pa kámẹ́rà náà. Kámẹ́rà tí a pa kò lè pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ jẹ́ kó kú tán kí ẹ tó yọ káàdì, torí bí ẹ bá fà á yọ nígbà tó ṣì ń kọ̀wé, fídíò tó kẹ́yìn lè má ṣí mọ́, òun gan-an sì ni ẹ nílò.

Ẹ jẹ́ ká wá wo káàdì fúnra rẹ̀. Ibi tí a ń kọ nǹkan sí nínú rẹ̀ ní iye ìgbà tí a lè pa á rẹ́ ká tún un kọ kó tó kú. Ọ̀pọ̀ káàdì ọjà lè gbà á ní ọgọ́rùn-ún bíi mélòó kan sí ẹgbẹ̀rún bíi mélòó kan, a kì í sì kọ iye náà sára àwọn olówó pọ́ọ́kú. Fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ pa káàdì lára, torí àwòrán tí a yà lè wà níbẹ̀ fún ọdún kan láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ti kámẹ́rà ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tó ń lo wákàtí 8 lóòjọ́ ń kọ 48 gígabáìtì lóòjọ́. Bó bá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 300 lọ́dún, 14,400 gígabáìtì nìyẹn. Káàdì 32 gígabáìtì yóò ti kún tí yóò sì ti di píparẹ́ ní ìgbà 450 láàárín ọdún kan. Ti 64 gígabáìtì, ìgbà 225. Bí kámẹ́rà ẹ̀yìn bá wà pẹ̀lú ti iwájú, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí fídíò tí kòtò tì bá sì ti gba ìdajì káàdì olówó pọ́ọ́kú, ìdajì tó kù ni gbogbo ìyà náà ń dà lé.

Ẹlòmíràn yóò ní: “Èmi yóò ra 256 gígabáìtì, ọ̀rọ̀ ti parí.” Káàdì ńlá ṣàǹfààní lóòótọ́, ó ń pẹ́ kó tó yí po. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé kámẹ́rà yín lè gbà á, kí ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú. Àwọn kan máa ń kọ 256 sára ohun tí kò ju 16 lọ. Yóò gba fídíò bíi pé kò sí nǹkan kan, àfi bí ẹ bá fẹ́ ṣí i ni ẹ ó rí i pé òfìfo ni. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lè fi ètò H2testw kọ nǹkan kún inú rẹ̀ kó sì kà á padà, kó tó fi í sínú ọkọ̀. Èyí tí mo máa gbà yín nímọ̀ràn láti rà ni káàdì tí wọ́n kọ Endurance sí lára. SanDisk ṣèlérí wákàtí 5,000 fún High Endurance oní 64 gígabáìtì. Fún awakọ̀ oníwákàtí 8 wa, ọjọ́ iṣẹ́ 625 nìyẹn, ó lé díẹ̀ ní ọdún 2. Ó wọ́n ju ti fóònù lọ, àmọ́ ẹ fi iye owó rẹ̀ wé ti iná iwájú ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé káàdì ti ń kú? Kámẹ́rà lè máa pa ara rẹ̀, tàbí kó máa kọ Card Error, tàbí kí ìṣẹ́jú kan sọ nù láàárín fídíò méjì. Èyí tó ń tanni jẹ jù lọ ni káàdì tó ti kọ̀ láti gba nǹkan tuntun: iná kámẹ́rà ń tàn, àmọ́ nígbà tí ẹ wo inú rẹ̀, fídíò oṣù tó kọjá ni ẹ bá, ẹ pa wọ́n rẹ́, wọ́n tún padà. Káàdì yẹn ti tán nìyẹn, kò sí àtúnṣe. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ wo fídíò tòní nínú rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ àti aago tó wà lójú rẹ̀ pẹ̀lú, torí bátìrì kékeré inú kámẹ́rà lè kú, kí ọjọ́ sì padà sẹ́yìn lọ́pọ̀ ọdún.

Aago yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ló sọ bí ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ṣe máa gba ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Lára ohun tó béèrè ni pé kí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní gbogbo àkókò tó kan ọ̀rọ̀ náà, kí ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí sì wà. Ní ọdún 2012, nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson lórí ìdìbò gómìnà Báyélsà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kò gba àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí ẹ̀rọ ayélujára nítorí pé wọn kò tẹ̀ lé abala yìí. Ẹ ronú wo ohun tí lọ́yà kejì yóò fi fídíò yín ṣe bí ìṣẹ́jú bá sọ nù láàárín rẹ̀, tí ọjọ́ ara rẹ̀ sì jẹ́ ti ọdún mìíràn. Nítorí náà, lọ́jọ́ ìjàǹbá gan-an, ẹ da fídíò náà àti èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹ má gé wọn, kí ẹ yọ káàdì àkọ́kọ́ pamọ́, kí ẹ fi òmíràn sí kámẹ́rà. WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ lè má hàn mọ́, ẹ má fi ṣe ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ẹ ní.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ fi kún un. Bí kámẹ́rà bá kọ Format sójú lẹ́yìn ìjàǹbá, tó ń bi yín bóyá kó ṣe é, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà. Format kò mọ àgádágodo, ó ń pa ohun tí ẹ tì àti ohun tí ẹ kò tì rẹ́ pọ̀. Ẹ pa kámẹ́rà, ẹ yọ káàdì, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ní Òmù-Àrán tàbí Ìlọrin kí ẹnikẹ́ni tó kọ nǹkan mìíràn sí i.