Bọ́ọ̀sì Kan, Ìwé Méjì: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Iye Tó Kù Lára Ohun Ìní Ẹgbẹ́

Mo mọ̀ pé bí ọmọ tó ń ka ìwé ìṣirò owó ní yunifásítì bá ti dìde láti sọ̀rọ̀ báyìí, oorun ti ń kun ẹlòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo la máa sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ ó sì rí i pé bọ́ọ̀sì yẹn lè da ìlú rú.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹgbẹ́ ìlú kan bíi tiwa dá owó jọ, wọ́n ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ ní ₦6,250,000. Wọ́n ní kó máa ná Ìsinbọ̀dé sí Adó, kí àwọn tó ń ṣe ìnáwó sì máa háyà rẹ̀. Wọ́n wo ojú ọ̀nà wa, wọ́n ní ọdún 4 ló lè sìn wá dáadáa. Mẹkáníìkì ní tó bá pé ọdún 4, a ṣì lè rí ₦810,000 gbà lórí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Owó àlòkù la máa pe ìyẹn lónìí.

Ọdún 2 pé, ẹnìkan wá, ó ní òun á san ₦2,800,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbìmọ̀ gbà, wọ́n tà á. Akápò kọ ọ́ sínú ìwé, ó fi sórí gúrúùpù: “Àdánù lórí bọ́ọ̀sì: ₦730,000.” Ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lórí gúrúùpù lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n á ní ta ló jẹ owó? Wọ́n á ní àwọn ará ilé ti tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yá, ẹnìkan tó gbọ́ ìwé lára wọn tún ìṣirò yẹn ṣe, òun sì ní kò sí àdánù kankan, pé èrè ₦550,000 ni ẹgbẹ́ jẹ.

Bọ́ọ̀sì kan náà, owó kan náà, ẹni kan náà ló rà á. Ọ̀kan ní àdánù, èkejì ní èrè, àwọn méjèèjì sì ṣírò rẹ̀ dáadáa. Báwo?

Ẹ gbọ́ ná. Tí a bá ra bọ́ọ̀sì, a ò ná gbogbo ₦6,250,000 yẹn tán ní ọjọ́ tí a rà á. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń jẹ ẹ́, bí bọ́ọ̀sì ṣe ń sáré tó ń gbó. Tí a bá kọ gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìnáwó ọdún kìíní, ìwé máa sọ pé a kú ní ọdún yẹn, yóò sì máa purọ́ fún wa ní ọdún tó kù pé bọ́ọ̀sì ń pa owó wọlé láì ná wa ní nǹkan kan. Nítorí náà la ṣe ń pín in sórí ọdún tí bọ́ọ̀sì fi ń ṣiṣẹ́. Ìpín ọdọọdún yẹn ni àwọn oníṣirò ń pè ní dìpírẹ́ṣíéṣọ̀n. Èmi máa pè é ní ìdínkù iye. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a ti yọ ìdínkù kúrò ni iye inú ìwé.

Ọ̀nà méjì tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ láti pín in rèé. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà ọgbọọgba, èyí tí àwọn tó ṣe Àkáǹtì ní sẹ́kọ́ńdìrì mọ̀ sí sitiréètì-láìnì. Ẹ yọ owó àlòkù kúrò nínú iye tí a rà á: 6,250,000 − 810,000 = 5,440,000. Ẹ fi ọdún 4 pín in, ó jẹ́ ₦1,360,000. Iye kan náà la máa yọ lọ́dọọdún. Òpin ọdún kìíní, ₦4,890,000 ló kù nínú ìwé. Ọdún kejì, ₦3,530,000. Ọdún kẹta, ₦2,170,000. Ọdún kẹrin, ₦810,000 tí mẹkáníìkì sọ.

Ìkejì ni rẹdiúsìn-bálánsì. Èmi máa ń pè é ní ọ̀nà àjẹkù, torí pé ara ohun tó ṣẹ́kù lánàá la ti ń jẹ tòní. Ìdá kan náà là ń yọ lọ́dọọdún, àmọ́ kì í ṣe lára iye tí a rà á. Ara iye tó kù ni. Fún bọ́ọ̀sì yìí, ìdá 40 nínú 100 ni. Ọdún kìíní, a yọ ₦2,500,000, ó ku ₦3,750,000. Ọdún kejì, ìdá 40 nínú 3,750,000 jẹ́ ₦1,500,000, ó ku ₦2,250,000. Ọdún kẹta, a yọ ₦900,000, ó ku ₦1,350,000. Ọdún kẹrin, a yọ ₦540,000, ó ku ₦810,000.

Ṣé ẹ rí i? Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì gúnlẹ̀ sí. Láàárín ọ̀nà ni wọ́n ti yàtọ̀, òpin ọdún kejì sì ni a ta bọ́ọ̀sì. Ìwé ọgbọọgba ní ₦3,530,000 ló kù, a ta á ní ₦2,800,000, ó ku ₦730,000 kó pé: àdánù. Ìwé àjẹkù ní ₦2,250,000 ló kù, a gba ₦550,000 lé e: èrè.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Lọ́nà ọgbọọgba, a ti yọ ₦2,720,000 fún ọdún méjì. Ẹ fi àdánù ₦730,000 kún un, ó jẹ́ ₦3,450,000. Lọ́nà àjẹkù, a ti yọ ₦4,000,000; ẹ yọ èrè ₦550,000 kúrò níbẹ̀, ₦3,450,000 náà ni. Ẹ gbé ìwé méjèèjì tì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń ta gàrí: a ra á ní 6,250,000, a ta á ní 2,800,000, èló ló lọ? ₦3,450,000. Ọdún méjì tí bọ́ọ̀sì fi sìn wá ló jẹ ẹ́. Tí ẹnìkan bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n jẹ owó, kì í ṣe ibi tí wọ́n kọ “àdánù” sí ló yẹ kó máa wò. Kó lọ wo bóyá ₦2,800,000 yẹn dé báńkì ẹgbẹ́, kó sì béèrè iye tí wọ́n ń ta irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lọ́jà ní oṣù yẹn. Iye inú ìwé kì í ṣe iye ọjà, kò sì fìgbà kan sọ pé òun ni.

Àwọn kan máa béèrè pé níbo ni mo ti rí ìdá 40. Mi ò fà á yọ láti ojú ọ̀run. Ẹ mú fóònù yín, ẹ fi 6,250,000 pín 810,000, ẹ ó rí 0.1296. Ẹ tẹ àmì √ lẹ́ẹ̀kan, ó di 0.36. Ẹ tún un tẹ̀, ó di 0.6. Èyí túmọ̀ sí pé ìdá 60 ló gbọ́dọ̀ máa ṣẹ́kù lọ́dọọdún, ìdá 40 ni à ń jẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì tí a tẹ √ yìí, nítorí pé ọdún 4 ni. Fún iye ọdún mìíràn, ìlànà rẹ̀ ni:

```
r = 1 − (S ÷ C)^(1/n)
```

C ni iye tí a rà á, S ni owó àlòkù, n ni iye ọdún. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ iye inú ìwé ní òpin ọdún kẹta láì kọ gbogbo ọdún sílẹ̀, ẹ kàn máa fi 0.6 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: 6,250,000 × 0.6 × 0.6 × 0.6 = ₦1,350,000.

Ibi méjì ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣubú. Àwọn kan á kọ́kọ́ yọ owó àlòkù kúrò kí wọ́n tó yọ ìdá 40, bí a ti ń ṣe lọ́nà ọgbọọgba. Ìwé á wá sọ ní òpin ọdún kẹrin pé bọ́ọ̀sì ṣì tó ₦1,515,024. Lọ́nà àjẹkù, owó àlòkù ti wà nínú ìdá 40 yẹn, a kì í yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn mìíràn á máa yọ ìdá 40 lára iye tí a rà á, ₦2,500,000 lọ́dọọdún. Tó bá fi máa di ọdún kẹta, bọ́ọ̀sì ti jẹ gbèsè ₦1,250,000 nínú ìwé! Tí ẹ bá rí i tí ìdínkù dúró sí ojú kan nínú ìwé tí wọ́n pè ní àjẹkù, ẹ dá akápò dúró.

Èwo ló yẹ wá? Fún ọkọ̀, èmi fara mọ́ àjẹkù. Ọkọ̀ kì í dàgbà bí àga. Ọdún tó dé ni iye rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ jù, nígbà tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Tó bá di ọdún kẹta, mẹkáníìkì ti di ọ̀rẹ́ yín. Tí ìdínkù bá pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ tó sì ń kéré sí i bí owó àtúnṣe ṣe ń pọ̀ sí i, ìnáwó bọ́ọ̀sì á sún mọ́ra láti ọdún dé ọdún. Àga oníke àti kánópì ní tiwọn, ọgbọọgba ló bá wọn mu, torí bí wọ́n ṣe ń háyà wọn lọ́dún yìí náà ni wọ́n á háyà wọn lọ́dún tó ń bọ̀. Ilẹ̀ ní tirẹ̀, a kì í yọ ìdínkù lórí ilẹ̀ rárá, torí kì í gbó. Ilé tó wà lórí rẹ̀ ló ń gbó.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí a yan ọ̀nà náà ní ọjọ́ tí a ra nǹkan, kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ìlànà ìṣirò àgbáyé tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá inú ọjà ìpín-ìdókòwò Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2012 sọ pé kí a máa tún ọ̀nà náà yẹ̀ wò ní òpin ọdún kọ̀ọ̀kan, bóyá ó ṣì bá bí a ṣe ń lo nǹkan mu. Ìyẹn ò sọ pé kí akápò yí i padà ní alẹ́ ọjọ́ tí oníbàárà dé, kí àdánù lè di èrè.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ń jẹ mí lọ́kàn jù gbogbo èyí lọ. Yíyọ ìdínkù nínú ìwé kì í fi kọ́bọ̀ kan sí báńkì. Ìwé lè yọ gbogbo ₦5,440,000 yẹn lọ́nà tó pé pérépéré, kí ọdún 4 sì pé, kí bọ́ọ̀sì ti di àlòkù, kí ẹgbẹ́ má ní owó òmíràn lọ́wọ́, torí a ti pín owó háyà fún ìnáwó mìíràn. Tí a bá fẹ́ ra òmíràn, àfi kí a ní àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí a ó máa fi owó sí lóṣooṣù. Fún bọ́ọ̀sì yìí, ₦5,440,000 tí a pín sí oṣù 48 jẹ́ bíi ₦113,333 lóṣù. Ìyẹn náà ò lè tó, torí ẹ mọ bí náírà wa ṣe rí. Iye tí a ra ti àkọ́kọ́ kọ́ la máa bá lọ́jà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀. Àga, kánópì àti jẹnẹrétọ̀ tí ẹgbẹ́ ní lónìí, ẹnikẹ́ni tí rìsíìtì wọn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Ọjọ́ tí a rà á àti iye tí a rà á ni mo nílò. Tí rìsíìtì bá ti sọnù, ẹ sọ ọdún tí ẹ rántí, ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìrántí ni. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ á fi ṣe àkọsílẹ̀ ohun ìní, a ó sì gbé e wá sórí gúrúùpù kí gbogbo yín fojú rí i kí a tó yan ọ̀nà kankan.