Iṣẹ́ Tí A Ṣe Lẹ́yìn Iṣẹ́, Ta Ni Ó Ni Ín?

 

Ìyá kan tí ń gbọ́ ètò orí afẹ́fẹ́ wa yìí pè mí láàárín ọ̀sẹ̀, olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ó ní kí n gba òun. Ìwé ìṣirò ni ó kọ fún àwọn ọmọ kéékèèké, ní òru, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ti sùn. Ó mú un wá sí kíláàsì, àwọn ọmọ sì gbádùn rẹ̀ débi pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ó fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń tà á fún àwọn òbí. Nígbà tí ìyá yìí fi ẹ̀hónú hàn, òwe ni ọ̀gá fi dá a lóhùn, ó ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù.

Òwe náà jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ẹrú níbẹ̀? Ìyá bínú, ó ní, "Bọ̀dá, òru ni mo fi kọ ọ́! Epo jẹnẹrétọ̀ mi ni mo fi kọ ọ́!" Mo ní, "Màmá, mo gbọ́. Níbo ni ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín wà?" Ó dákẹ́. Ẹ wò ó, gbogbo yín ni ẹ máa ń dákẹ́ bí mo bá ti bi yín léèrè ìyẹn, nítorí pé ojú ewé tí owó oṣù wà nìkan ni ẹ kà lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i.

Ó wá a rí lábẹ́ àpótí, ó sì kà á fún mi lórí fóònù: aago tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ dé, iye owó oṣù, àti bí gìgísẹ̀ bàtà obìnrin kò ṣe gbọdọ̀ ga jù, tí wọ́n fi odidi ìpínrọ̀ kan sọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nípa ìwé kíkọ. Nígbà náà ni mo sọ fún un pé òun ni ó ni ìwé rẹ̀, nítorí pé òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà, èyí tí a tún ṣe ní 2022, sọ pé ẹni tí ó kọ nǹkan ni ó kọ́kọ́ ni ín, kódà bí ó bá jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ni ó ti kọ ọ́, àfi bí a bá kọ òmíràn sílẹ̀ nínú àdéhùn iṣẹ́ náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe òru ni ó gbà á sílẹ̀, ì bá kọ ọ́ ní ọ̀sán gangan nígbà tí àwọn ọmọ ń jẹun, bákan náà ni. Ohun tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ kò sọ ni ó gbà á. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ gìgísẹ̀ bàtà ni wọ́n ti fi gbólóhùn kan kún un pé gbogbo ohun tí olùkọ́ bá kọ, ìgbà yòówù kí ó kọ ọ́, ti ilé-ẹ̀kọ́ ni, ẹkún ni à bá máa gbọ́ lálẹ́ yìí.

Nísinsìnyí, ẹ má ṣe sáré lọ fi ọ̀rọ̀ olùkọ́ gba ọ̀gá yín létí, nítorí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìwé, orin àti àwòrán ni mo ń sọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni ẹ hùmọ̀, tàbí ọ̀nà tuntun tí a fi ń ṣe nǹkan, òfin páténtì ni ó kàn yín, òfin 1970 ni, ó sì yí ọ̀rọ̀ náà sí òdìkejì: ohun tí òṣìṣẹ́ bá hùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ni ó ni páténtì rẹ̀. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ dákẹ́ fún olùkọ́, ó jèrè. Ìwé dákẹ́ fún ẹlẹ́rọ, ó pàdánù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé kí ẹ ka ìwé.

Òru kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní agbára níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ẹnu kò lè ròyìn rẹ̀ tán. Ní 1982, ilé-iṣẹ́ kan lábẹ́ Unilever gba onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Ian Shanks sí yàrá ìwádìí wọn ní Bedfordshire, pẹ̀lú owó ọdún tí ó jẹ́ 18,000 pọ́n-ùn àti mọ́tò kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wá àwọn ọ̀nà tuntun tí a fi lè mọ ohun tí ó wà nínú nǹkan olómi. Ọkùnrin yìí jókòó nílé ara rẹ̀, ó mú gíláàsì pẹlẹbẹ inú máíkírósíkóòpù ìṣeré ọmọbìnrin rẹ̀, ó mú ọ̀rá tín-ín-rín, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ra, ó sì fi kílíìpù tí a fi ń di bébà dì wọ́n mú títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ. Àlàfo tóóró tí ó wà láàárín méjèèjì ń fa ohun olómi wọlé fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ọgbọ́n yìí wọ inú àwọn ohun tí alárùn àtọ̀gbẹ fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ nílé.

Ilé tirẹ̀ ni, ohun ìṣeré ọmọ tirẹ̀ sì ni. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ni ó ni ín, kò sì sí ẹni tí ó jiyàn ìyẹn nílé-ẹjọ́, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún gan-an ni ó gbé lọ ṣe nílé. Ohun tí ó pè wọ́n lẹ́jọ́ lé lórí ní 2006 ni pé èrè tí wọ́n rí lórí àwọn páténtì náà, tí ó tó 24 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, pọ̀ débi pé ó yẹ kí wọ́n fún òun nínú rẹ̀. Ó ṣubú nílé-ẹjọ́ kan, ó tún ṣubú ní òmíràn, àfìgbà tí ó di 2019 tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ wọn ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn fún un. Ọdún mẹ́tàlá! Ẹ̀yin tí ẹ kò lè dúró lórí ìlà bánkì fún wákàtí kan, ẹ gbọ́ bí?

Èyí ni ó mú mi rántí ọkùnrin tí ó ń ráhùn pé n kì í mú ọ̀rọ̀ òun wá sórí afẹ́fẹ́. Alátùn-únṣe ẹ̀rọ ni ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe gààrí. Wọn kò gbà á láti hùmọ̀ ohunkóhun, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé gààrí ń jóná ní ìsàlẹ̀ agbada ẹ̀rọ, ó fi irin àlòkù ilé-iṣẹ́ àti ẹ̀rọ ìjórin wọn ṣe apá kan tí ń rò ó yípo láìdúró. Ọ̀gá ní òun ni òun ni ín. Ọ̀gá lè jàre o, bí ilé-ẹjọ́ bá gbà pé ẹnu iṣẹ́ ni ó ti ṣe é. Ṣùgbọ́n òfin wa kò dákẹ́ síbẹ̀: òṣìṣẹ́ tí àdéhùn rẹ̀ kò ní kí ó hùmọ̀ nǹkan, tí ó sì lo ohun èlò tàbí ìmọ̀ tí iṣẹ́ fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, gbọ́dọ̀ gba owó tí ó tọ́, kí a wo owó oṣù rẹ̀ àti bí ohun náà ti níye lórí tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí ohun tí ó hùmọ̀ bá jẹ́ àrà-ọ̀tọ̀. Ẹ̀tọ́ yìí nìkan ni mo mọ̀ tí mi ò ní bi yín léèrè ìwé lórí rẹ̀, nítorí pé kò sí ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí ó lè gbà á lọ́wọ́ yín, àní bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Fún àwọn yòókù, ẹ ka ìwé! Bí ẹ bá sì rí "nígbàkúùgbà" tàbí "yálà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí níbòmíràn" nínú rẹ̀, ẹ sọ fún ọ̀gá kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé ẹ fẹ́ kí ó kọ ọ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà yín fún nìkan ni. Kí ẹ sì kọ orúkọ ohun tí ẹ ti ń ṣe kí ẹ tó débẹ̀ sílẹ̀, kí òun náà fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tí ó ń kọrin nírọ̀lẹ́, kí ó má ṣe fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì gba orin náà sílẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ̀wé béèrè fún páténtì gan-an ni mo fẹ́ ṣàlàyé lálẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ti ń fi ọwọ́ fa ọrùn hàn mí. Kìkì èyí ni kí ẹ mú dání: ní Nàìjíríà, ẹni tí ó kọ́kọ́ mú ìwé ìbéèrè rẹ̀ dé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ni òfin kọ́kọ́ máa ń kà sí olùhùmọ̀, nítorí náà, ọ̀gbẹ́ni ẹlẹ́rọ gààrí, ẹ bi ọ̀gá yín lọ́la bóyá ó ti lọ.