Ta Ni Ìbò Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀? Ọ̀rọ̀ lórí Ẹni Tí Ó Yàn Láti Dá Gbé

   

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn láti má ṣe ní ọkọ tàbí aya ni ẹ ní kí n bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, ṣùgbọ́n orí ẹní Ifá ni èmi yóò dúró sí láti sọ tèmi, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ń rí i jùlọ. Nínú àwọn tí ń wá sọ́dọ̀ mi nítorí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ọ̀pọ̀ ni kì í wá fún ara wọn. Ìyá ni ó ń wá nítorí ọmọ, ẹ̀gbọ́n ni ó ń wá nítorí àbúrò. Ìbéèrè tí wọ́n ń mú wá kì í yàtọ̀: kí ni ó ń ṣe é? Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé dídá gbé kì í ṣe àrùn, àti pé bí àwa awo bá ń wo ẹni tí kò ṣàìsàn sàn, a ó sọ ọ́ di aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èdè wa, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìṣòro náà ti ń bẹ̀rẹ̀. A ní orúkọ fún ọkùnrin tí kò ní aya: àpọ́n ni. Ṣùgbọ́n kí ni à ń pe obìnrin ẹni ọdún 45 tí kò lọ́kọ rí? Kì í ṣe ọmọge mọ́. Kì í ṣe abilékọ. Kì í ṣe opó, nítorí pé ọkọ kankan kò kú fún un. Kì í ṣe dálémoṣú, nítorí pé kò lọ sílé ọkọ débi tí yóò fi padà sílé bàbá rẹ̀. Kò sí orúkọ kan pàtó fún un, gbólóhùn ni a fi ń ṣe àpèjúwe rẹ̀. Gbólóhùn tí ó sì yá wa lẹ́nu jù ni “kò tí ì lọ́kọ.” Ẹ kíyè sí “tí ì” yẹn. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ ti gbà pé nǹkan náà ń bọ̀, pé ó kàn pẹ́ ni. Nígbà tí a bá sọ pé “kò rọ́kọ fẹ́,” a ti gbà pé ó wá a, kò rí i. Gbólóhùn kẹta, “kò fẹ́ lọ́kọ,” ni etí wa kì í fẹ́ gbọ́.

Bẹ́ẹ̀, èdè kan náà ni ó fún wa ní ọ̀rọ̀ ìṣe “fẹ́.” Bí ènìyàn bá ń wá oúnjẹ, ó fẹ́ oúnjẹ. Bí ó bá gbé obìnrin níyàwó, ó fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń sọ ohun tí ọkàn ń béèrè àti ìgbéyàwó. Nínú èdè Yorùbá, ìfẹ́ inú ẹni wà nínú ìgbéyàwó láti ìpìlẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́, kò fẹ́ ni. Kò tọ́ kí a wá “tí ì” bọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo Ifá. Gbogbo awo ni ó mọ àwọn ajogun mẹ́jọ tí ń dojú ìjà kọ ọmọ ènìyàn: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. Ẹ kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Àìlọ́kọ kò sí nínú wọn, àìláya kò sí nínú wọn. Lóòótọ́, ire aya àti ire ọkọ wà lára àwọn ire tí a ń bi Ifá léèrè, pẹ̀lú ire àìkú, ire ajé, ire ọmọ àti ire ìṣẹ́gun. Èmi kì yóò purọ́ mọ́ àṣà wa nítorí àtitu ẹnikẹ́ni nínú. Àwọn baba wa ka ìgbéyàwó sí ire ńlá, wọn kò sì ka dídá gbé sí ohun tí ènìyàn ń lé kiri. Ṣùgbọ́n ire tí ènìyàn kò béèrè kò di ibi nítorí pé kò dé. Nígbà tí a bá sì ń fi ìbò wá ire, a kì í sọ pé gbogbo ire ni kí ó tò wá bá onítọ̀hún lọ́jọ́ kan náà. Ifá ni ó ń mú èyí tí ó kàn án.

Àṣà wa náà kò sì fi ilé ọkọ nìkan wọn obìnrin. Ẹ rántí Ìyámọdẹ ní ààfin Ọ̀yọ́, tí Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Obìnrin ni, ṣùgbọ́n Aláàfin ń kúnlẹ̀ kí i, ó sì ń pè é ní bàbá, nítorí pé òun ni ó ń bọ ẹ̀mí àwọn ọba tí ó ti wàjà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fún un ní ọlá yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀ràn kan tí ó dé iwájú mi. Mo ti yí àwọn àmì rẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá àwọn tí ó kàn mọ̀. Ìyá kan tí ó ti lé ní ẹni 60 ọdún wá nítorí ọmọbìnrin rẹ̀. Ẹni ọdún 39 ni ọmọ náà, nọ́ọ̀sì ni, ó ń dá gbé ní ìlú mìíràn. Kí ìyá náà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti bá awo mẹ́ta pàdé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sọ pé ẹlẹ́gbẹ́ ni ọmọ náà, pé ó ní ọkọ ní ọ̀run. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti ra ìrèké, ọ̀gẹ̀dẹ̀, oyin, aádùn àti àkàrà fún ètùtù ẹgbẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sì ti sanwó iṣẹ́. Nígbà ìkẹta, wọ́n ní kí ó mú aṣọ ọmọ náà wá. Ó yọ gèlè kan nínú ẹrù rẹ̀ láìsọ fún un. Ọmọ náà mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wá sílé mọ́.

Mi ò sọ pé ẹgbẹ́ ọ̀run kò sí. Mo mọ àwọn tí ọ̀ràn ẹgbẹ́ ń dà láàmú, a sì ń tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ẹgbẹ́ ní àmì tirẹ̀ lára ẹni tí ó ń ṣe: àlá tí ń padà wá, àìsàn tí kò ní orí tí kò ní ìdí, ohun tí ó ń fẹ́ tí ó sì ń bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí ó bá kù díẹ̀. Ẹni tí ó ń sùn dáadáa, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ, tí kò wá ọkọ, tí kò sì sunkún pé òun kò rí i, èwo nínú àmì wọ̀nyí ni a rí lára rẹ̀?

Mo bi ìyá náà pé, “Ẹ̀yin mà, ṣé ọmọ mọ̀ pé ẹ wá?” Ó ní rárá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi awo, ẹ jẹ́ kí a rántí bí ìbò ṣe ń ṣiṣẹ́. Owó ẹyọ ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, egungun ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó wá dáfá ni yóò pò wọ́n pọ̀, tí yóò sì fi ọ̀kan pamọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan sí ọwọ́ òsì. Awo kò mọ èyí tí ó wà níbì kankan. Odù tí ó bá jẹ́ àgbà nínú méjì tí a dá ni yóò sọ ọwọ́ tí a ó ṣí. Orí ẹni tí ìbò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. A lè dáfá fún ẹni tí àìsàn tàbí ìrìnàjò dí lọ́wọ́, bí ó bá rán ni wá. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò rán ẹnikẹ́ni. Nítorí náà mo sọ fún ìyá náà pé orí tirẹ̀ ni a ó bi.

A bi Ifá bóyá ara ọmọ ni ìṣòro náà wà. Egungun ni ó jáde. A bi í bóyá ara ìyá ni. Owó ẹyọ jáde. Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní, “Baba, ta ni yóò sin ín bí mo bá ti lọ?” Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ti béèrè láti ọjọ́ kìíní nìyẹn. Kò sí ìrèké tí ó lè dáhùn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọ náà wá fúnra rẹ̀, nítorí pé ìyá rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo bi í ní ohun méjì tí mo máa ń bi irú ẹni bẹ́ẹ̀. Èkíní: ṣé ìgbéyàwó ni o kọ̀, tàbí ẹnì kan tí ó ṣe ọ́ níbi? Nítorí pé ẹni tí ó ń sá fún ọgbẹ́ kò tí ì yàn. Ìwòsàn ni ó ń fẹ́, ìyẹn sì ni ibi tí ètùtù lè ti wúlò. Èkejì: bí ara rẹ kò bá yá lóru òní, ta ni yóò mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́? Ẹni tí ó bá rí orúkọ dá lóhùn ń dá gbé ni, kò dá wà. Òun dárúkọ ènìyàn mẹ́ta. Ó ní òun kò fẹ́ ọkọ láti kékeré, àti pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé òun lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ ni òun fẹ́ràn jù láyé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni mo rí níwájú mi.

Ohun tí ó wá béèrè lọ́wọ́ mi ni bí yóò ṣe máa dáhùn ní òde ẹbí, níbi tí wọ́n ti ń bi í pé ìgbà wo ni àwọn yóò jẹ ìrẹsì rẹ̀. Àwọn tí ń jiyàn ni ó rọrùn láti dá lóhùn. Àwọn tí ń ṣàdúrà ni ó le. Bí àgbà bá ní “orí á bá ọ wá ọkọ rere,” o kò lè dákẹ́, o kò sì lè sọ pé rárá, nítorí pé ẹni tí ó kọ àdúrà dà bí ẹni tí ó kọ àgbà tí ó gbà á. Mo ní kí ó gba àdúrà náà kí ó sì yí i sí ibi tí ó fẹ́: “Àṣẹ, mà. Ire tí orí mi yàn kò ní fò mí ru.” Ó ti ṣe àṣẹ, ó ti bọ̀wọ̀ fún àgbà, kò sì purọ́. Fún ìyá rẹ̀ nìkan ni mo ní kí ó sọ gbogbo òtítọ́, lẹ́ẹ̀kan, ní ìjókòó, láìbínú.

Ó ku ìbéèrè ìsìnkú. Ní àṣà wa, bí ẹni tí kò bímọ bá kú, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ogún rẹ̀ ń bọ́ sí lọ́wọ́. Bí ó bá ní ẹlòmíràn lọ́kàn, kí ó kọ ìwé ìhágún nígbà tí ara le, kí àwọn ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i. Kí ó yan ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò tí yóò dúró bí ọmọ ní ọjọ́ náà, kí ó sì ti máa ṣe ojúṣe òbí fún un láti ìsinsìnyí. Ọmọ àgbàtọ́ kì í ṣe ohun àjèjì ní ilé Yorùbá. Ọmọ náà mú orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wá, ó sì sọ ọ́ létí ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò tí ì yọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti dẹ́kun ríra ìrèké, ọmọ rẹ̀ sì ti ń wá sílé.

Ẹ̀yin awo, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò ju ọ̀kan lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá tún mú orúkọ ọmọ tí kò lọ́kọ wá síwájú yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ìbò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó dárúkọ ohun tí a ó rà.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.