Fántásì Bọ́ọ̀lù: Ọgbọ́n Ni Tàbí Tẹ́tẹ́?



Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Ọba Akran ní Ìkẹjà, títí dé Ọ̀gbà àti Agége, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán nígbà ìsinmi ọ̀sán. Wọ́n a máa dá owó jọ sórí fántásì, eré tí olúkúlùkù ti ń fi fóònù yan ikọ̀ tirẹ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Ìlú Ọba. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní tẹ́tẹ́, ìdáhùn wọn kì í pẹ́: ọgbọ́n ni, kì í ṣe oríire. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ìdáhùn náà, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni Fantasy Premier League. Ọ̀fẹ́ ni àwọn tí ó ni ín fi ṣe é. Ẹni kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn orí ìwé láti fi ra agbábọ́ọ̀lù 15, kò sì gbọdọ̀ mú ju mẹ́ta lọ nínú kíláàbù kan. Ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá ní ti gidi ni ó ń di póíǹtì, ti ẹni tí a fi ṣe balógun a sì di ìlọ́po méjì. Ẹni tí ó mọ agbábọ́ọ̀lù tí ó fara pa, tí ó mọ kíláàbù tí ìdíje rẹ̀ rọrùn, tí ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 38, yóò sábà ṣáájú ẹni tí ó kàn ń mú orúkọ tí ó gbọ́. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni kí a wo sáà mẹ́ta tàbí mẹ́rin léra wọn. Bí àwọn kan náà bá ń wà lókè, ọgbọ́n ń ṣiṣẹ́. Bí orúkọ bá ń yí padà lọ́dọọdún, oríire ló pọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn kan kì í dúró de òpin sáà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pín owó. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ọkùnrin kan fi agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ṣe balógun, póíǹtì márùn-ún ni ó sì fi ṣáájú ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Agbábọ́ọ̀lù náà ti ní póíǹtì méjì nítorí pé ó gbá ju ìṣẹ́jú 60 lọ, àti mẹ́rin nítorí pé gólì kò tíì wọlé wọn: mẹ́fà ni, balógun sọ ọ́ di 12. Nígbà tí àsìkò ti tán, tí wọ́n ń gbá àfikún, gólì kan wọlé. Mẹ́rin náà lọ, 12 di mẹ́rin. Ẹni tí ó ń ṣáájú wá fi póíǹtì mẹ́ta kẹ́yìn. Ọgbọ́n rẹ̀ kò dín kù láàárín ìṣẹ́jú kan yẹn. Ẹsẹ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí ni ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ilé ẹjọ́ pàápàá ti jà lórí èyí. Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní ìpínlẹ̀ New York gbà pé ọgbọ́n ló borí nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ mẹ́rin ló gbà á, mẹ́ta kọ̀ ọ́. Àwọn àgbàlagbà Agége tí wọ́n ta pùúlù nígbà èwe wọn kò ní yà lẹ́nu: àwọn náà a máa jókòó ti ìwé àlàkalẹ̀ ìdíje, wọn a máa fi ṣírò wá ọ̀mì, wọn a sì máa pe ìyẹn ní ìmọ̀.

Sharíà kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yẹn. Ẹṣin sísá àti ọfà títa kún fún ọgbọ́n ju fántásì lọ, síbẹ̀ nínú hádíìsì tí Àbú Dáwúdà àti Tírímísì gbà wá, ràkúnmí, ẹṣin àti ọfà nìkan ni Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, yọ̀ǹda ẹ̀bùn ìdíje lé lórí. Ìmúrasílẹ̀ ogun ni àwọn onímímọ̀ sì sọ pé ó fà á, kì í ṣe ọgbọ́n inú wọn. Nínú ìwọ̀nyí pàápàá, bí àwọn olùdíje méjèèjì bá jọ fi owó sílẹ̀, ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ní kò tọ́ àfi kí ẹnì kẹta tí kò san nǹkan kan wọ inú rẹ̀, tí òun náà sì lè borí. Ìbéèrè wọn ni pé: níbo ni owó náà ti wá?

Kí a bi owó fántásì bẹ́ẹ̀. Bí 20 òṣìṣẹ́ bá san ₦5,000 kọ̀ọ̀kan, ₦100,000 nìyẹn. Akápò mú ìdá mẹ́wàá, ó kù ₦90,000. Ẹni kìíní gba ₦54,000, ẹni kejì ₦27,000, ẹni kẹta ₦9,000. Yọ ohun tí àwọn mẹ́ta náà san, èrè wọn jẹ́ ₦75,000. Fi ₦10,000 akápò kún un, ó di ₦85,000, iye tí àwọn 17 yòókù pàdánù gan-an. Kò sí náírà kan tí ó ti ibòmíràn wá. Èyí ni máísírù tí Súrátùl Máídà, áyà 90, kà pọ̀ mọ́ ọtí, bí ẹni tí ó jẹ ẹ́ tilẹ̀ gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá san nǹkan kan. Kò sí ìpàdánù owó níbẹ̀, àmọ́ àwọn onímímọ̀ kò fẹnu kò lórí ẹ̀bùn tí ẹlòmíràn bá fi sílẹ̀ fún irú eré báyìí. Ní ti ẹgbẹ́ tí sáà rẹ̀ ti dé ìdajì, kí akápò dá ₦5,000 padà fún olúkúlùkù láìyọ kọ́bọ̀, kí àwọn tí wọ́n ti gba owó ọ̀sẹ̀ náà dá a padà. Tábìlì póíǹtì lè máa bá a lọ títí dé ọ̀sẹ̀ 38.