Oògùn Ìfọ-Nọ́sù: Ṣé Ó Tó Owó Tí À Ń Ná Lé E?

Ìbéèrè tí ẹ ní kí n wá dáhùn nìyí: ẹni tó ní mọ́tò bẹntiróòlù kan, tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ṣé ó yẹ kó máa ra oògùn ìfọ-nọ́sù inú ìgò? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Kò yẹ kéèyàn máa rà á ní gbogbo ìgbà bí ẹni ń ra ọṣẹ. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ti fi àwọn àmì kan hàn, ìgò kan péré tó jẹ́ ojúlówó lè mú owó rẹ̀ wá.

Mọ́tò tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ni Tòyótà Kòròlà ọdún 2005, nítorí kò sí àdúgbò tí kò sí. Nọ́sù mẹ́rin ló ní, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Kò gùn ju ìka lọ. Asẹ́ tóóró kan wà ní orí rẹ̀ lókè, àwọn ihò tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí sì wà ní ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí bíréènì bọ́ọ̀sì bá fi iná ránṣẹ́ sí i, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á gbéra, epo á fọ́n jáde. Bí iná bá kúrò, abẹ́rẹ́ á padà dé e.

Ìgbà tí mọ́tò ń rìn kọ́ ni ìdọ̀tí ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò wọ̀nyí jù. Ìgbà tí a bá pa á ni. Epo tó ń kọjá ló ń mú kí ara nọ́sù tutù. Bí a bá ti pa ẹ́ńjìnnì, epo dúró, ooru irin á wá ká mọ́ ẹnu nọ́sù. Ẹ̀kán epo tó ṣẹ́kù níbẹ̀, èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á fẹ́ lọ, èyí tó wúwo á yan mọ́ irin. Ìdí nìyí tí mọ́tò tó ń lọ sọ́jà kó dúró, tó tún ń lọ sílé ìwé kó dúró, fi máa ń ní ìdọ̀tí ju èyí tó ń gba Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin lọ. Ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1980, wàhálà yìí pọ̀ débi pé àwọn elépo bẹ̀rẹ̀ sí í po oògùn ìfọ mọ́ bẹntiróòlù, òfin sì sọ ọ́ di dandan ní 1995. Ará wa tó ń gbé Húsítìnì ti ń san owó oògùn nínú lítà kọ̀ọ̀kan tó ń rà. Bó bá tún ra ìgò lé e, àsanlé ni.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ bí nọ́sù bá dí díẹ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kíá ni mọ́tò á máa jẹ epo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lára sàláńsà tó ń gbóòórùn èéfín. Bó bá rí i pé epo kéré, bíréènì bọ́ọ̀sì á jẹ́ kí nọ́sù pẹ́ díẹ̀ sí i ní ṣíṣí. Bí nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dí bákan náà, àtúnṣe yìí á kárí wọn, awakọ̀ kò ní mọ nǹkan kan, ìnáwó epo kò sì ní yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Ìjọ̀gbọ̀n bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀kan bá dí ju àwọn yòókù lọ. Ká ní mẹ́ta ń fún epo ní 100, ìkẹrin ń fún ní 85. Sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni sẹ́ńsọ̀ yẹn ń gbọ́ èéfín wọn pọ̀, ohun tó rí ni bíi 96. Bíréènì bọ́ọ̀sì á wá fi nǹkan bíi 4 nínú 100 kún ti gbogbo wọn. Àwọn mẹ́ta tí kò ṣàìsàn di 104, wọ́n ń jẹ àjẹjù. Èyí tó ṣàìsàn dé 88, ebi ṣì ń pa á. Ẹ ó rí i pé epo ń ṣòfò níbì kan, agbára sì ń dín níbòmíràn, nínú ẹ́ńjìnnì kan náà. Ibí yìí ni oògùn ti lè wúlò, nítorí ihò tó dí jù ló ní ohun tí oògùn lè kó kúrò.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó. Ká ní Kòròlà wa ń rin kìlómítà 40 lójúmọ́, ọjọ́ 300 lọ́dún, ìyẹn 12,000. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó ń jẹ lítà 10 fún kìlómítà 100, nítorí náà lítà 1,200 ló ń lò lọ́dún. Bí lítà kan bá jẹ́ 1,000 náírà, owó epo jẹ́ 1,200,000. Bí ìgò oògùn bá jẹ́ 10,000, tí a sì ń lo mẹ́ta lọ́dún, 30,000 náírà nìyẹn, owó lítà 30. Kí oògùn tó lè sanwó ara rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa gba lítà méjì àbọ̀ là nínú 100, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Nọ́sù tó mọ́ tẹ́lẹ̀ kò ní nǹkan kan tí oògùn lè gbà là. Fún mọ́tò tí ara rẹ̀ le, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi 30,000 yẹn pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò.

Àmì wo ni a ó wá wò? Mọ́tò á máa gbọ̀n bó bá dúró, á máa fà sẹ́yìn bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, á sì ṣòro láti ṣíná. Plọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti fúẹ̀lì pọ́ǹpù náà lè fa gbogbo èyí, nítorí náà ẹ má fi ojú lásán pinnu. Ẹ ní kí wọ́n sikáànì rẹ̀. Bó bá gbé `P0303` wá, sílíńdà kẹta ló ń tàsé. Ẹ gbé kọ́ìlì rẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Bí kóòdù bá yí sí `P0301`, kọ́ìlì ni, kì í ṣe nọ́sù. Bí `P0171` ló bá wá, ẹ wo `LTFT`: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga nígbà tí mọ́tò dúró, tó sì ń wálẹ̀ bí ẹ bá fún iná sí i, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé níbi tí kò yẹ. Bó bá ń ga sí i bí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ṣe ń pọ̀ sí i, epo ni kò tó. Pọ́ǹpù tàbí nọ́sù ni ẹ ó wádìí.

Àwọn ibì kan wà tí oògùn kò dé rárá. Iyanrìn àti ìpẹtà tó há sínú asẹ́ orí nọ́sù kì í yọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tó hàn pé epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ Nàìjíríà, mímú irú epo bẹ́ẹ̀ kúrò nínú táńkì ni ìtọ́jú, ìgò kankan kò lè tún un ṣe. Àwọn mọ́tò tuntun tí nọ́sù wọn ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà tún yàtọ̀: oògùn inú táńkì lè fọ nọ́sù wọn, ṣùgbọ́n kò kan èédú tó ń dì sẹ́yìn fáàfù ìwọlé, nítorí epo kì í gba ibẹ̀ kọjá.

Bí àmì bá wá tọ́ka sí nọ́sù, ẹ wá ìgò tí wọ́n kọ pọ́líẹ́tà-amáìnì sí lára, tàbí lẹ́tà P, E, A. Ọ̀pọ̀ ìgò olówó pọ́ọ́kú jẹ́ omi tó jọ kẹrosíìnì ju ohunkóhun lọ. Táńkì Kòròlà ń gba nǹkan bíi lítà 50. Ẹ dúró dìgbà tí epo bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ da oògùn sí i, kí ẹ rọ epo kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń ra lítà 5 lónìí, lítà 7 lọ́la, kò lè mọ bí oògùn ṣe le tó, inú ìwé ara ìgò sì ni ìwọ̀n rẹ̀ wà. Ẹ wa mọ́tò náà títí epo á fi sún mọ́ ìsàlẹ̀, kí ẹ tún sikáànì rẹ̀. Bí `LTFT` bá ti wálẹ̀, tí ìgbọ̀n náà dín, ó ti ṣe é. Bí kò bá yí padà, ẹ má ra ìgò kejì. Ẹ gbé nọ́sù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìfọ, kí ẹ ní kó fi ìgò gíláàsì mẹ́rin wọ̀n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń dà kó tó fọ̀ ọ́, kó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì pààrọ̀ àwọn asẹ́ orí wọn kó tó dá wọn padà.