Kí ni Tẹ́nọ̀ nínú Ìwé Owó Yíyá?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)



Ní ìpàdé tí ó kọjá, ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní kí a bá òun ka ìwé kan tí òun ti fọwọ́ sí lọ́dọ̀ àwọn ayánilówó kan. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò yé e: T, E, N, O, R. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé àwọn tí ń kọ tẹ́nọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n wá bá a san án. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, àwọn kan ní èlé ni, àwọn mìíràn ní iye tí wọn yóò máa yọ lóṣooṣù ni. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a sọ̀rọ̀ lé e lórí lónìí.

Tẹ́nọ̀ ni gbogbo àkókò tí wọ́n fún ayáwó láti fi san owó tán, àti ojú owó àti èlé rẹ̀. Bí ìwé bá sọ pé tẹ́nọ̀ jẹ́ oṣù 24, ó túmọ̀ sí pé lẹ́yìn oṣù 24 kò gbọ́dọ̀ sí gbèsè mọ́. Àwọn ìwé mìíràn máa ń kọ ọ́ ní T, E, N, U, R, E. Nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà kò ní tẹ́nọ̀. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe dúró fún èlé nìkan ni. Ojú owó wà níbẹ̀ digbí títí di ọjọ́ tí wọ́n bá rí i san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó lè gba ọdún mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ohun rere ni pé gbèsè òde òní ní ọjọ́ tí yóò parí. Àmọ́ ọjọ́ náà ní iye tí ó ń ná ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa kì í wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé arákùnrin wa yìí. ₦300,000 ni ó yá. Èlé rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ 2 lórí náírà kan lóṣù, orí gbogbo ₦300,000 ni wọ́n sì ń kà á sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ó tilẹ̀ ti san díẹ̀ nínú rẹ̀. Èlé oṣù kan jẹ́ ₦6,000 nìyẹn. Bí ó bá gba oṣù 12, èlé rẹ̀ yóò jẹ́ ₦72,000, yóò sì máa san ₦31,000 lóṣù. Bí ó bá gba oṣù 24, èlé di ₦144,000, ṣùgbọ́n ₦18,500 péré ni yóò máa san lóṣù. Akọ̀wé tí ó dá a lóhùn kò mẹ́nu kan ₦144,000. Ohun tí ó sọ ni pé, “Bàbá, ₦18,500 péré ni, kò ní ni yín lára.” Kò purọ́. Bàbá náà sì fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀.

Kí ló dé tí wọn kò fún un ní oṣù 12? Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní ìpín karùn-ún, sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ nínú owó òṣìṣẹ́ láàárín oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan lọ. Arákùnrin wa ń gba ₦75,000. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan jẹ́ ₦25,000. Nítorí náà ₦31,000 kò lè wọlé. Àwọn ayánilówó mọ èyí dáadáa. Wọn kì í dín èlé kù, wọn kì í sì í dín owó kù. Tẹ́nọ̀ ni wọ́n máa ń fà gùn títí ohun tí wọ́n ń yọ yóò fi wọ inú ìdá mẹ́ta kan. Òfin tí ó yẹ kí ó dáàbò bo owó oṣù wa ni wọ́n fi ń gba èlé ọdún kan sí i.

Síbẹ̀ kò di dandan kí ó tó oṣù 24. A jókòó, a fi bírò ṣírò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oṣù 16, ojú owó tí yóò san lóṣù jẹ́ ₦18,750. Fi èlé ₦6,000 kún un, ó di ₦24,750. Ó wọ inú òfin. Gbogbo èlé rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦96,000. ₦48,000 ni arákùnrin wa ì bá fi pamọ́, bí ó bá lè gba pé kí wọ́n yọ ₦6,250 sí i lóṣù. Ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́rin nílé ìwé lè sọ pé òun kò lè ṣe é, a kò sì ní bá a jà. Ṣùgbọ́n kí òun fúnra rẹ̀ ló yàn án, kì í ṣe akọ̀wé.

Àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ mìíràn máa ń ka èlé sórí owó tí ó ṣẹ́ kù nìkan. Lọ́nà yẹn, ₦300,000 kan náà, kọ́bọ̀ 2 kan náà, bí a bá ń dá ojú owó padà ní ₦25,000 lóṣù fún oṣù 12, èlé rẹ̀ kò ju ₦39,000 lọ. Tí ó bá jẹ́ oṣù 24, ó di ₦75,000. Ẹ rí i pé bí tẹ́nọ̀ ṣe ń gùn náà ni èlé ń pọ̀, ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà kà á.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti àgbà kan láàárín wa tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ó ku oṣù 14 kí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ó fọwọ́ sí irú ìwé yìí, oṣù 24. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tí ó ń lọ, oṣù 10 ṣì kù, wọ́n sì yọ ₦185,000 nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nínú owó yẹn, ₦60,000 jẹ́ èlé oṣù 10 tí owó náà kò ní lò lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. A kọ ìwé, a lọ bá wọn nílé iṣẹ́ wọn. Wọ́n ṣí ojú ewé kẹta hàn wá, níbi tí a ti kọ ọ́ pé bí iṣẹ́ bá parí kí tẹ́nọ̀ tó parí, gbogbo èyí tí ó kù pẹ̀lú èlé rẹ̀ di sísan lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi sábẹ́ rẹ̀. A padà wálé.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìwé fún yín, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ́nọ̀: ṣé ọjọ́ tí owó wọlé ni, tàbí òpin oṣù tí wọ́n kọ́kọ́ yọ? Ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí yóò parí sílẹ̀, oṣù àti ọdún. Ẹ fi ọjọ́ yẹn wé ọjọ́ ìfẹ̀yìntì yín. Ẹ sì béèrè bóyá wọn yóò dín èlé kù bí ẹ bá san án tán ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn kò ní dín kọ́bọ̀ kan.

Akọ̀wé ẹ̀ka wa yóò wà ní ọ́fíìsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ẹni tí ó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé, yálà ó ti fọwọ́ sí i tàbí kò tíì fọwọ́ sí i, kí ó mú un wá pẹ̀lú ìwé owó oṣù rẹ̀, kí a bá a ṣírò rẹ̀.